Òṣìṣẹ́ yín ń ṣàìsàn ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, léraléra: ohun tẹ́ ẹ máa kọ sí i

Ìbéèrè tí àwọn mánijà ń bi mí jù nìyí: "Òṣìṣẹ́ mi kan wà, àìsàn ẹ̀ kì í le, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ò ní kọjá kó má fi tẹ́kísì ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ó ti dé. Kí ni kí n kọ sí i?"

Ohun tí mo máa ń rí ni pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà" ni wọ́n á máa kọ fún oṣù mẹ́rin, inú á wá máa ru lábẹ́lẹ̀, níjọ́ kan ó bú gbàù, wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní kúẹ́rì, ẹnu sì ya onítọ̀hún torí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé nǹkan kan ń bàjẹ́. Èsì tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí wà láàárín méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àìsàn kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra nìkan ni mo ń sọ o, ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù méjì, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ látòkèdélẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba ìpè oníbàárà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Làgbájá.

## Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun

1. Ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tí kò wá sílẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó padà, ohun tó sọ pé ó ń ṣe òun, aago tó pè. Inú ìwé ni kẹ́ ẹ ti mú un o, ẹ má gbára lé orí, torí ẹni tínú ń bí máa ń rántí ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.
2. Ẹ yọ èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìsinmi ọdún, ọjọ́ tó ti gbàyè láti lọ rí dókítà, àìsàn tó bá oyún wá, ibi tó ti farapa lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹyọ kan péré nínú wọn bá wọnú lẹ́tà yín, ẹ̀yin lẹ máa máa tọrọ àforíjì nípàdé.
3. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ṣíìfù. Ọ̀pọ̀ mánijà ló máa ń fo èyí.

Ti Làgbájá rèé:

- 13 Oṣù Kìíní, ọjọ́ 1, ẹ̀fọ́rí
- 3 sí 4 Oṣù Kejì, ọjọ́ 2, "ara mi ò yá"
- 24 Oṣù Kejì, ọjọ́ 1, ẹ̀fọ́rí
- 17 sí 18 Oṣù Kẹta, ọjọ́ 2, èébì
- 7 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ 1, "ara mi ò yá"
- 28 sí 29 Oṣù Kẹrin, ọjọ́ 2, ẹ̀fọ́rí

Ìgbà mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mánijà ẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà, ó rí i pé Mọ́ńdè ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ti parí ẹjọ́ lọ́kàn ara ẹ̀: fàájì wíkẹ́ńdì ló ń pa obìnrin yìí. Àmọ́ ẹ tún ọjọ́ yẹn kà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta gééré ló wà láàárín wọn. Nígbà tó gbé ìwé ṣíìfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta yẹn náà ni Làgbájá máa ń ṣe ṣíìfù alẹ́ Fúráìdè àti alẹ́ Sátidé, tó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìyẹn ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é fún wa o, àmọ́ ó ti yí ìbéèrè tá a fẹ́ bi í padà pátápátá.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní ìṣirò Brádífọ́ọ̀dù wo irú nǹkan báyìí. Ẹ ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ ò wá láàárín ọ̀sẹ̀ 52 tó kọjá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi iye ọjọ́ ṣe ìlọ́po ẹ̀:

```
6 × 6 × 9 = 324
1 × 1 × 9 = 9
```

Ti òkè ni ti Làgbájá, ti ìsàlẹ̀ ni ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Iye ọjọ́ kan náà ni, àmọ́ ìṣirò yìí ka èyí tó ń já lu iṣẹ́ lójijì sí wàhálà tó pọ̀ jù, òótọ́ sì ni, ẹni tó máa lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè wá arọ́pò fún un. Ibi tó kù sí ni pé kò mọ ìdí. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí àìsàn mìíì tó ń lọ tó ń bọ̀, nọ́ńbà tiẹ̀ máa ga láìṣe pé ó ṣe ohun tó burú. Torí náà ẹ fi ṣe agogo tó ń jí yín pé ó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má fi ṣe ìdájọ́, ẹ má sì kọ nọ́ńbà yẹn sínú lẹ́tà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ yẹn ní àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ bá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, torí lọ́pọ̀ ilẹ̀ òfin wà lórí ẹ̀.

## Èsì méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Àárọ̀ ọjọ́ tó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá kọ́ lẹ máa tú ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń bì, ó máa ka ọ̀rọ̀ yín sí ìkà, tó bá sì jẹ́ irọ́ ló ń pa, ẹ ti fún un ní ìdí láti bínú. Kúkurú ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ:

> Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo ti rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán. Ẹ sinmi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bóyá ẹ máa lè wá lọ́la, kí n lè to iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé, a máa jókòó díẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, òun ni kò ní jẹ́ kí lẹ́tà tó ń bọ̀ já lù ú lójijì.

Èsì kejì ni lẹ́tà fúnra ẹ̀. Ọjọ́ tó padà dé tàbí ọjọ́ kejì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, sí òun nìkan, ní ímeèlì tàbí ìwé. Ẹ má fi sí gúrúùpù Wasáàpù ilé iṣẹ́, kódà ẹ má fi kọ́pì ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó wà lókè yín. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ fún un: "Mo máa fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí yín lọ́sàn-án yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ò wá ni, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà."

## Lẹ́tà náà

> Ẹ káàárọ̀, Làgbájá,
>
> Ẹ kú àbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn pé ara ti ń mókun.
>
> Mò ń kọ ìwé yìí torí pé láti 13 Oṣù Kìíní sí 29 Oṣù Kẹrin, ìgbà mẹ́fà ni ẹ ò lè wá nítorí àìsàn, ọjọ́ mẹ́sàn-án lápapọ̀. Mo to àwọn ọjọ́ náà sísàlẹ̀ ìwé yìí. Tí èyíkéyìí bá ṣì níbẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n tún un ṣe. Gbogbo ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ pè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.
>
> Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra ti ń pa iṣẹ́ lára. Ní 28 àti 29 Oṣù Kẹrin, ẹni méjì ló gba ìpè tó yẹ kí ẹni mẹ́ta gbà, ọ̀kan nínú wọn ò sì rí àyè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ méjèèjì. Kò lè máa lọ báyìí.
>
> Mo fẹ́ ká jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún, aago méjì ọ̀sán, ní yàrá ìpàdé kékeré, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹnì kan dání, ẹlẹgbẹ́ yín tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú. Tí àkókò yẹn ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ mú òmíì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.
>
> Ìpàdé yìí kì í ṣe ti ìbáwí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan wà, níbi iṣẹ́ tàbí níta, tó ń dá kún un, àti ohun tá a lè yí padà kó lè rọrùn fún yín láti máa wá. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ dárúkọ àìsàn kankan fún mi.
>
> Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà kó má baà dà bíi pé mo fi pa mọ́ fún yín: tá a bá ti jọ ṣe àtúnṣe, tí kò sì dín kù láàárín oṣù mẹ́ta, ìlànà ilé iṣẹ́ ni pé ká lọ sí ìpele tó kàn, ìyẹn ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ ká jọ ṣe é débi tá ò ní dé ibẹ̀.
>
> Ẹ ṣé,
> (orúkọ yín)

Oṣù mẹ́ta tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, ti àpẹẹrẹ ni, ohun tí ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín bá sọ ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀. Tí kò bá sí ìlànà kankan nílẹ̀, ẹ má dá ìpele sílẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ kọ "a máa tún un gbé yẹ̀ wò" kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ sí i.

Ẹ wo ibi tí agbára lẹ́tà yẹn wà. "Kò lè máa lọ báyìí", ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, kò sí "ẹ má bínú o" níwájú ẹ̀, kò sí "ṣùgbọ́n ó yé mi o" lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kúrò níbẹ̀. Ohun tó gbé e dúró ni ẹni tí kò rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ, torí ohun téèyàn lè fojú rí nìyẹn, kò rí bíi "ẹ̀ ń da ẹgbẹ́ láàmú". Ẹ má dárúkọ onítọ̀hún ṣá, kí àwọn méjèèjì má lọ dijú mọ́ra. Ẹ tún rí i pé mi ò kọ ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè síbẹ̀. Nínú ìwé, ẹ̀sùn ló máa dà. Lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá fi béèrè, ìrànlọ́wọ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti ń bá òṣìṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀ bí àbúrò tẹ́lẹ̀, "báwo ni, ṣé o ti jẹun", tí ẹ wá ṣàdédé kọ "ẹ̀yin" sí i, àyà ẹ̀ máa já kó tó ka gbólóhùn kejì, ó máa gbà pé wọ́n ti fẹ́ lé òun. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá sì jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ipò mánijà ò fún yín láyè láti pè é ní "ìwọ", nínú lẹ́tà báyìí gan-an ló máa rántí ẹ̀ títí.

## Àwọn gbólóhùn tó yẹ kẹ́ ẹ pa rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́

- "Mi ò ní ẹ̀ ń parọ́ o." Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó pe irọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é, ohun tí òṣìṣẹ́ sì máa gbọ́ ni pé irọ́ lòun ń pa.
- "Àwa náà ń ṣàìsàn, a sì ń wá." Ẹ ò mọ bí tiẹ̀ ṣe tó.
- "Ó jọ pé ìrònú ló ń dà yín láàmú", tàbí "ẹ gbìyànjú oògùn báyìí báyìí." Ẹ kì í ṣe dókítà ẹ̀.
- "Gbogbo ìgbà", "ṣáá", "ẹ ò tiẹ̀ kí ń wá mọ́." Ìgbà mẹ́fà ni. Ẹ kọ ọ́ ní mẹ́fà.
- "Bí ẹbí la ṣe wà níbí", kí ìkìlọ̀ wá tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ méjèèjì máa ń ba ara wọn jẹ́ ni.

## Lọ́jọ́ ìpàdé

1. Ẹ pa fóònù. Ẹ béèrè bí ara ṣe rí, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ tán.
2. Ẹ gbé àwọn ọjọ́ náà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ bi í bóyá bó ṣe rántí ẹ̀ náà nìyẹn.
3. Ẹ béèrè ìbéèrè tí kò ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nínú: "Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú?" "Kí ló wà níbi iṣẹ́ tó ń mú un le sí i?" "Tá a bá lè yí nǹkan kan padà, èwo lẹ máa mú?" Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òótọ́ ọ̀rọ̀ sábà máa ń jáde.
4. Ẹ jọ mú ohun kan tàbí méjì tẹ́ ẹ máa yí padà, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.
5. Ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún pàdé kó tó dìde.

Ní ti Làgbájá, ìgbésẹ̀ kẹta ló ṣí ilẹ̀kùn. Mánijà sọ pé, "Mo rí i pé ẹ̀yìn wíkẹ́ńdì ṣíìfù alẹ́ ló máa ń jẹ́, kí lẹ rò pé ó ń fà á?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní túúlu ni, pé tí oorun òun bá ti dàrú, ẹ̀gbẹ́ orí kan á máa lù kìì kìì, òun ò ní lè wo iná, òun á máa bì. Kí ló dé tí kò sọ látọjọ́ yìí? Owó tó wà lórí ṣíìfù alẹ́ ni, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má yọ òun kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mánijà pé "ara mi ò yá" àti "èébì" àti "ẹ̀fọ́rí" tó wà nínú ìwé, nǹkan kan ṣoṣo ni.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kò nira: ó ṣì máa máa ṣe ṣíìfù alẹ́ ẹ̀, àmọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e máa di ọjọ́ ìsinmi ẹ̀, Sátidé ọ̀sẹ̀ mìíì ló máa fi dí i. Ó máa lọ rí dókítà nípa oògùn tí wọ́n ń lò kí túúlu tó gbéra. Wọ́n á sì tún pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìronú, àmọ́ tí nǹkan bá ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin máa fi ẹ̀ẹ̀kan péré hàn yín. Ẹ jẹ́ kó yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán.

Ẹ má béèrè orúkọ àìsàn, ẹ má béèrè bóyá ó lóyún, ẹ má ní kó fi oògùn ẹ̀ hàn yín. Tẹ́ ẹ bá nílò ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ìwé dókítà lẹ máa béèrè, tó sọ ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

## Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀

Ọmọ ẹ̀ tàbí òbí ẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó wọ́pọ̀ gan-an, wọ́n á ní ara àwọn ni kò yá torí wọ́n rò pé ẹ ò ní gbà. Ẹ má bínú sí irọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ fún un pé láti òní lọ kó máa sọ ohun tó jẹ́, kẹ́ ẹ wá wo ìyípadà wákàtí tàbí ìsinmi tó wà fún ìtọ́jú ẹbí.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà fún mánijà mìíì. Ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ ò lè jẹ́ onídàájọ́ ọ̀rọ̀ ara yín.

Ó sọ ohun tó dẹ́rù bani, bíi pé ayé ti sú òun. Ìpàdé ti parí nìyẹn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ wá oníṣègùn tàbí ẹni tó fọkàn tán wá kó tó kúrò níbẹ̀.

Ó ní kò sí nǹkan kan. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá wá ìdí. Ẹ sọ pé: "Ó dáa. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tó bá yí padà. Láti òní sí ọjọ́ báyìí, ohun tí mo ń retí ni pé kó dín kù, àkọsílẹ̀ yìí náà la máa jọ wò nígbà yẹn."

Kò dá lẹ́tà lóhùn. Ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ẹ fẹnu béèrè níkọ̀kọ̀. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé tuntun ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bi ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ohun tó kàn.

## Lẹ́yìn ìpàdé

Kí ọjọ́ méjì tó kọjá, ẹ fi àkọsílẹ̀ kékeré ránṣẹ́ sí i, kó kà á, kó tún èyí tó bá ṣì ṣe. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀:

- ọjọ́ tẹ́ ẹ pàdé àti àwọn tó wà níbẹ̀
- ohun tí ẹ̀yin máa ṣe, àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀
- ohun tí òun máa ṣe
- ọjọ́ ìpàdé tó kàn

Ọ̀rọ̀ túúlu ò sí níbẹ̀ o. "Àtúnṣe ṣíìfù nítorí ìlera" ti tó fún fáìlì tí ojú mìíì lè rí. Tí àwọn tó kù bá sì béèrè ìdí tí Làgbájá ò fi wá ní Mọ́ńdè, "èmi àti ẹ̀ la jọ to ṣíìfù yẹn" ni ìdáhùn yín, ẹ má fi kún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà jáde. Tí Mọ́ńdè méjèèjì bá ti kọjá láìsí àìsàn, ẹ kọ ọ́ sí i ní gbólóhùn kan pé nǹkan ti dín kù àti pé àtúnṣe ṣíìfù ń bá a lọ, torí àwọn mánijà máa ń gbàgbé apá yìí, òṣìṣẹ́ á wá máa retí kúẹ́rì tí kò sí mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kò wá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n fún un ní Mọ́ńdè ìsinmi yẹn lóòótọ́, mo ti rí ibi tí ẹni tó ń to ṣíìfù ti gbàgbé, tí wọ́n sì fẹ́ fi bá òṣìṣẹ́ wí.